Nígbà Tí Èjì Lé Èjì Kò Jẹ́ Ẹ̀rin: Bí Èrè Ọjà Méjì Ṣe Ń Bára Wọn Rìn

Ẹ jẹ́ ká gbé ìyá méjì kalẹ̀ sí ìdíkọ̀ kan ní Ìwó Road, n'Ìbàdàn, nínú oṣù Keje, nígbà tí òjò àti oòrùn ń du ojú ọ̀run mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì ló ní kúlà tí wọ́n fi yìnyín àti píọ̀-wọ́tà kún. Ẹni àkọ́kọ́ tún gbé àdògán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà tirẹ̀, ó da èédú sí i, ó ń sun àgbàdo. Ẹnì kejì kò fẹ́ wàhálà èéfín. Mínírà ló kó mọ́ omi tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí tí wọ́n ka owó, èrè wọn dọ́gba láìfi náírà kan ju ara wọn: ẹgbẹ̀rún méje náírà lójúmọ́, bí a bá pín in dọ́gba. Síbẹ̀, ìyá alágbàdo fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ iye tí òun yóò mú délé lálẹ́ ọ̀la. Ìyá onímínírà kò mọ̀ ọ́n rárá.

Ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí ṣeé fi bírò ṣírò lẹ́yìn páálí mínírà. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í ni pé wọ́n á wo ọjà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á rí bí èrè rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, wọ́n á wá ro méjèèjì pọ̀. Ìṣirò yẹn kò pé. Ohun kan wà láàárín ọjà méjì tí kò sí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Iye tí wọ́n pa rèé. Lọ́jọ́ Ajé oòrùn mú ganrínganrín. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó rọlẹ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́rú òjò àti oòrùn pín in ṣe. Lọ́jọ́bọ̀ òjò winniwinni ni látàárọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì òjò kò dá títí ilẹ̀ fi ṣú. Èrè omi lọ́wọ́ ìyá kọ̀ọ̀kan bọ́ sí 6,000 náírà, 5,000, 4,000, 3,000, àti 2,000 ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Èrè àgbàdo jẹ́ 2,000, 1,000, 3,000, 4,000, àti 5,000. (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló burú jù fún àgbàdo nítorí pé èédú tutù, iná kò tètè ràn, àwọn èrò ọkọ̀ ti wọkọ̀ lọ kí àgbàdo tó jinná.) Èrè mínírà jẹ́ 4,000, 5,000, 3,000, 2,000, àti 1,000.

Nígbà tí oòrùn bá mú, òǹgbẹ a máa gbẹ èèyàn, omi tútù àti mínírà á máa tà. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan ohun tí wọ́n gbé jáde látinú yìnyín, ṣùgbọ́n àgbàdo gbígbóná á di ọ̀rẹ́ gbogbo ayé. Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó sídìí ọkọ̀ rí ló mọ èyí. Ohun tí oníṣirò fi kún un ni iye.

Ká kọ́kọ́ mú omi nìkan. Ìpíndọ́gba èrè rẹ̀ jẹ́ 4,000. Kí ìṣirò má baà wúwo, ká fi ẹgbẹ̀rún náírà ṣe ẹyọ kan, kí 4,000 di 4. Lẹ́yìn náà, ká wo bí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe yàpá sí 4 yẹn, ká sì sọ ọ́ bí àwọn baba wa ṣe ń kà á nígbà tí wọ́n bá ń pe mọ́kànlélógún àti mọ́kàndínlógún: èwo ló lé, èwo ló dín? Ọjọ́ Ajé lé 2, ọjọ́ Ìṣẹ́gun lé 1, ọjọ́rú kò lé kò dín, ọjọ́bọ̀ dín 1, ọjọ́ Ẹtì dín 2. Bí a bá ro àwọn ìyapa wọ̀nyí pọ̀ báyìí, òfo ni yóò jáde, nítorí pé ohun tó lé yóò pa ohun tó dín rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń rí nígbà gbogbo, nítorí náà àròpọ̀ yẹn kò lè sọ ohunkóhun fún wa. Ohun tí àwọn oníṣirò ṣe ni pé wọ́n fi ìyapa kọ̀ọ̀kan lọ́nà ara rẹ̀: 2 lọ́nà 2 jẹ́ 4, 1 lọ́nà 1 jẹ́ 1. Èyí tó dín náà á di èyí tó lé, nítorí pé òdì lọ́nà òdì kì í ṣe òdì mọ́. Fún omi, a rí 4, 1, 0, 1, 4. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 10. Pín in sí ọ̀nà márùn-ún, ó ku 2.

Iye yìí, 2, ni wọ́n ń pè ní fáríáǹsì. Ìfọ́nká ni a ó máa pè é níhìn-ín, nítorí pé ó ń sọ bí èrè ṣe fọ́n ká sí sàkáání ìpíndọ́gba rẹ̀. Ronald Fisher, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fún un ní orúkọ lọ́dún 1918, nínú ìwé kan tó kọ nípa ìdí tí àwọn ọmọ ìyá àti ìbátan fi ń jọra ní gíga àti ní ìrísí. Ìdí tó fi yan iye yìí láàyò ni pé, bí àwọn ohun tó ń fa ìyàtọ̀ kò bá ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ara wọn, ìfọ́nká wọn ṣeé rò pọ̀ tààrà. Gbólóhùn kékeré yẹn, "bí wọn kò bá ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ara wọn," lọ̀rọ̀ wà.

Ìfọ́nká àgbàdo ńkọ́? Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 3. Ìyapa rẹ̀ dín 1, dín 2, òfo, lé 1, lé 2. Fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́nà ara rẹ̀, ro wọ́n pọ̀, pín in: 2 náà ni. Ti mínírà? Lé 1, lé 2, òfo, dín 1, dín 2. Òun náà, 2. Bí a bá kó àwọn ọjà mẹ́ta yìí síwájú ẹni tó ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan nìkan, yóò ní kò sí èyí tó léwu ju èkejì lọ. Àgbàdo àti mínírà tilẹ̀ jọ ń mú èrè kan náà wọlé, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lójúmọ́.

Ó wá ku ká ro èrè ọjà méjì pọ̀ lójoojúmọ́. Ìyá alágbàdo pa 8,000 lọ́jọ́ Ajé, 6,000 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 7,000 lọ́jọ́rú, 7,000 lọ́jọ́bọ̀, 7,000 lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyapa rẹ̀: lé 1, dín 1, òfo, òfo, òfo. Ìfọ́nká rẹ̀ jẹ́ 2 tí a pín sí márùn-ún, ìyẹn 0.4. Ìyá onímínírà pa 10,000, ó tún pa 10,000, lẹ́yìn náà 7,000, 5,000, 3,000. Ìyapa tirẹ̀: lé 3, lé 3, òfo, dín 2, dín 4. Àwọn ìlọ́po wọn jẹ́ 9, 9, 0, 4, 16. Àròpọ̀ wọn 38. Ìfọ́nká rẹ̀ jẹ́ 7.6.

Èjì lé èjì di ìdajì ẹyọ kan ó dín díẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan. Lọ́wọ́ ẹnì kejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di mẹ́jọ. Ti ìyá onímínírà tó ìlọ́po mọ́kàndínlógún ti ẹnì kejì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìpíndọ́gba wọn kò yàtọ̀.

Níbo ni ìyókù gbà? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìṣirò tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé girama ti ṣe rí tí wọn kò mọ ohun tí yóò wúlò fún: (a + b)² = a² + b² + 2ab. Ẹ mú ọjọ́ Ajé ìyá alágbàdo. Omi lé 2, àgbàdo dín 1. Bí a bá ro méjèèjì pọ̀, ọjọ́ náà lé 1, ìlọ́po rẹ̀ sì jẹ́ 1. Ẹni tó bá kàn ro ìlọ́po omi, 4, mọ́ ìlọ́po àgbàdo, 1, yóò rí 5, yóò sì ṣìnà. Ohun tó gbàgbé ni 2ab: ẹ̀ẹ̀mejì 2 lọ́nà òdì 1, ìyẹn òdì 4. Márùn-ún dín mẹ́rin, ọ̀kan. Ó bára mu.

Ohun tí a ṣe fún ọjọ́ kan yìí la ó ṣe fún gbogbo ọ̀sẹ̀. Ìlọ́po a fún wa ní ìfọ́nká omi, ìlọ́po b fún wa ní ìfọ́nká àgbàdo. Ab tó kù ni ìyapa omi lọ́nà ìyapa àgbàdo lọ́jọ́ kan náà. Ká rò ó pọ̀ fún ọjọ́ márààrún, ká pín in sí márùn-ún: èyí ni kofáríáǹsì. Ìjọrìn la ó máa pè é, nítorí pé ohun tó ń bi wá ni pé: bí ọ̀kan bá lé, ṣé èkejì náà ń lé, àbí ńṣe ló ń dín? Bí àwọn méjèèjì bá jọ lé tàbí tí wọ́n jọ dín, ìlọ́po wọn á jẹ́ rere. Bí ọ̀kan bá lé tí èkejì dín, á jẹ́ òdì.

Fún omi àti àgbàdo: 2 lọ́nà òdì 1 jẹ́ òdì 2, 1 lọ́nà òdì 2 jẹ́ òdì 2, òfo, òdì 1 lọ́nà 1 jẹ́ òdì 1, òdì 2 lọ́nà 2 jẹ́ òdì 4. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ òdì 9, tí a bá pín in, òdì 1.8. Fún omi àti mínírà, nọ́ńbà kan náà ló jáde, àmọ́ kò sí òdì kankan nínú rẹ̀: 2, 2, 0, 1, 4, ìyẹn 9, tí ìjọrìn rẹ̀ jẹ́ 1.8. Òfin náà rèé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé:

Var(X + Y) = Var(X) + Var(Y) + 2Cov(X, Y)

Fún ìyá alágbàdo: 2 + 2 − 3.6 = 0.4. Fún ìyá onímínírà: 2 + 2 + 3.6 = 7.6. Iye tí a rí nígbà tí a ro èrè pọ̀ lójoojúmọ́ ló tún jáde yìí.

Ìfọ́nká ní àléébù kan: náírà lọ́nà náírà ni, kò sì sẹ́ni tó ń fi náírà lọ́nà náírà ra gaàrí. Nítorí náà, a ó wá gbòǹgbò rẹ̀, kó lè padà di owó gidi. Gbòǹgbò 0.4 jẹ́ nǹkan bí 0.63, ìyẹn 630 náírà, gbòǹgbò 7.6 jẹ́ nǹkan bí 2.76, ìyẹn 2,760 náírà. Ìtumọ̀ rẹ̀ nídìí ọkọ̀ ni pé bí ìyá alágbàdo bá ń reti ẹgbẹ̀rún méje, kò sábà jìnnà sí i ju ẹgbẹ̀ta náírà lọ. Ẹnì kejì lè lọ sílé pẹ̀lú 10,000, ó sì lè lọ sílé pẹ̀lú 3,000 lọ́jọ́ tó yẹ kó dá owó àjọ. Bí èèyàn bá tún fẹ́ mọ bí ìjọrìn ṣe le tó láìka owó sí, yóò fi gbòǹgbò ìfọ́nká ọjà méjèèjì pín in. Èyí ni wọ́n ń pè ní kọrílésọ̀nù, tí kì í kọjá 1 lókè tàbí òdì 1 nísàlẹ̀. Ti àwọn ìyá wa jẹ́ òdì 0.9 àti 0.9.

Ẹni tó sọ òfin yìí di owó nínú ayé àwọn olówó ni Harry Markowitz. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ní Yunifásítì Ṣikágò nígbà tó jókòó sí ilé-ìkàwé tó ń ka ìwé John Burr Williams, ẹni tó sọ pé iye tí ìpín-ìdókòwò kan tó ni iye owó tí à ń retí pé yóò mú wá lọ́jọ́ iwájú. Markowitz rò ó wò: bó bá jẹ́ ohun tí à ń retí nìkan ló ṣe pàtàkì, a jẹ́ pé ìpín kan ṣoṣo tó dára jù ló yẹ kí gbogbo ayé rà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń pín owó rẹ̀ kiri. Wọ́n ń sá fún nǹkan kan, nǹkan náà sì ni ìfọ́nká. Ó fa ìwé ìṣirò Uspensky yọ láti orí pẹpẹ, ó wo òfin ìfọ́nká àròpọ̀, ó sì rí ìjọrìn nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ìjọrìn yẹn ló fi hàn án pé kíkó ìpín rẹpẹtẹ jọ nìkan kò tó. Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn rìn ló ṣe pàtàkì. Ó tẹ iṣẹ́ náà jáde lọ́dún 1952. Nígbà tó wá gbèjà àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀, Milton Friedman takò ó, ó ní kò sí àṣìṣe nínú ìṣirò náà, àmọ́ kì í ṣe ìmọ̀ ọrọ̀-ajé, kò sì ṣeé fúnni ní oyè ọrọ̀-ajé lé lórí. Wọ́n padà fún un lóyè. Lọ́dún 1990, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé kan náà, pẹ̀lú àwọn ẹni méjì mìíràn.

Ká má fi ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn dù ú, sáà: Bruno de Finetti, ará Ítálì, ti ṣe irú ìṣirò yìí lọ́dún 1940 fún àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò, pẹ̀lú ìjọrìn nínú rẹ̀. Markowitz fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ nínú ìwé pé ọkùnrin náà ti ṣáájú òun débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ adójútòfò yìí ló gbé wa dé ibi tí òfin náà ti ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjà méjì, ìfọ́nká méjì ló wà àti ìjọrìn kan. Bó bá jẹ́ ọjà mẹ́ta, ìfọ́nká mẹ́ta, ìjọrìn mẹ́ta. Bó bá di ogún, ìfọ́nká ogún, ṣùgbọ́n ìjọrìn 190. Bó bá di ọgọ́rùn-ún, ìjọrìn á tó 4,950, òfin náà sì ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀mejì. Bí iye ọjà bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìjọrìn yóò máa bo ìfọ́nká mọ́lẹ̀, títí tí ìfọ́nká ọ̀kọ̀ọ̀kan kò fi ní já mọ́ nǹkan kan mọ́.

Ẹ fojú inú wo ọgọ́rùn-ún àgbẹ̀ alágbàdo tí wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù sílẹ̀ ní agbègbè kan. Wọ́n fẹnu kò pé àwọn yóò kó owó ìkórè ọdọọdún pa pọ̀, wọn yóò sì pín in dọ́gba, kí ẹni tí kòkòrò bá jẹ oko rẹ̀ má baà sun ebi. Ká ní owó tí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń rí máa ń yàpá pẹ̀lú 200,000 náírà lọ́dún. Bí a bá fi 100,000 ṣe ẹyọ kan, ìyapa yẹn jẹ́ 2, ìfọ́nká rẹ̀ sì jẹ́ 4. Bí ìkórè ẹnì kan kò bá kan ti ẹnì kejì, ìfọ́nká gbogbo ẹgbẹ́ jẹ́ ọgọ́rùn-ún lọ́nà 4, ìyẹn 400, tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 20. Pín in fún ọgọ́rùn-ún èèyàn, ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 0.2, ìyẹn 20,000 náírà péré. Láti 200,000 sí 20,000: ẹgbẹ́ náà sàn fún wọn.

Àmọ́ òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí oko wọn. Ká ní ìjọrìn àárín àgbẹ̀ méjì èyíkéyìí kò ju 1 lọ, tí kọrílésọ̀nù wọn jẹ́ 0.25, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn yóò kà sí kékeré. Nígbà náà, ìfọ́nká ẹgbẹ́ di 400 àti ìjọrìn 4,950 lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn 9,900. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10,300. Gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 101.5, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan ń yàpá pẹ̀lú 101,500 náírà, kì í ṣe 20,000. Alága ẹgbẹ́ lè ní kí wọ́n gba èèyàn sí i, kó di ẹgbẹ̀rún kan. Ìfọ́nká á di 4,000 àti 999,000; ìyapa ẹnì kọ̀ọ̀kan á bọ́ sí nǹkan bí 100,150. Wọ́n fi ẹgbẹ̀rún èèyàn pààrọ̀ ọgọ́rùn-ún, ohun tí wọ́n rí jèrè kò tó 1,500 náírà. Bí wọ́n bá di mílíọ̀nù kan, wọn kò ní kúrò lórí 100,000. Ilẹ̀ ẹsẹ̀ wọn nìyẹn, ìjọrìn ló sì tẹ́ ẹ síbẹ̀. Ohun tí yóò gbà wọ́n ni àgbẹ̀ tí òjò rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn, tàbí ẹni tó ń gbin ohun tí ọ̀dá kì í tètè pa, bíi ẹ̀gẹ́.

Èyí ni ìdí tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó ń dáàbò bo ọkọ̀ fi ń sùn dáadáa ju èyí tó ń dáàbò bo oko lọ. Jàm̀bá ọkọ̀ ẹnì kan l'Ékòó kì í fa ti ẹlòmíràn ní Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2012, nígbà tí Odò Ọya àti Odò Bénúé kún àkúnya, oko àwọn ará Kogí, Anámbra àti Délta bómi lọ láàárín ìgbà kan náà. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣáájú ọdún 2008: wọ́n kó gbèsè ilé láti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ pọ̀ sínú ìdì kan, wọ́n sì ṣírò ewu ìdì náà bí ẹni pé owó ilé ní Flórídà kò fi bẹ́ẹ̀ bá ti Kalifóníà rìn. Nígbà tí owó ilé já lulẹ̀ níbi méjèèjì, ìdì tí wọ́n kà sí aláìléwu di ẹrù.

Ìṣirò fúnra rẹ̀ tún ní ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lójú Excel ni pípa òfin méjì pọ̀. Bí ọjọ́ márùn-ún bá jẹ́ gbogbo ohun tí à ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, márùn-ún la ó fi pín, bí a ti ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ márùn-ún náà bá jẹ́ àpẹẹrẹ lásán látinú ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí a kò rí, mẹ́rin ni wọ́n máa ń fi pín. Excel ní `VAR.P` àti `COVARIANCE.P` fún ti àkọ́kọ́, ó ní `VAR.S` àti `COVARIANCE.S` fún ti èkejì. Ẹni tó bá lo `VAR.S` fún omi àti àgbàdo yóò rí 2.5 àti 2.5, bó bá wá lo `COVARIANCE.P`, yóò rí òdì 1.8. Òfin náà á fún un ní 1.4. Àmọ́ bó bá fi `VAR.S` ṣírò àpapọ̀ èrè ojoojúmọ́ tààrà, 0.5 ni yóò rí. Nígbà tí ọ̀nà méjèèjì kò bá ti bára mu, kó tètè mọ̀ pé òun ti lú mààlúù mọ́ ẹṣin. Bó bá lo `COVARIANCE.S`, yóò rí òdì 2.25, gbogbo rẹ̀ á sì padà sí 0.5.

Àṣìṣe mìíràn ni láti gbà pé bí ìjọrìn bá jẹ́ òfo, àwọn nǹkan méjì náà kò mọ ara wọn rí. Ká ní ẹnì kan ń ta omi, ó sì tún ń ran bàtà, ní ìdíkọ̀ kan náà. Bí oòrùn bá mú jù, àwọn èrò á sá sábẹ́ ibòòji. Bí òjò bá pọ̀ jù, wọ́n á sá sínú ọkọ̀. Ọjọ́ tó ṣe déédéé nìkan ni wọ́n ń tún bàtà ṣe. Lọ́jọ́ oòrùn, omi lé 1, bàtà dín 1. Lọ́jọ́ tó ṣe déédéé, omi kò lé kò dín, bàtà lé 2. Lọ́jọ́ òjò, omi dín 1, bàtà dín 1. Ìjọrìn wọn jẹ́ òdì 1, òfo àti 1, ìyẹn òfo. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ bí omi ṣe tà ti mọ bí bàtà ṣe lọ láìbéèrè. Ìjọrìn kò rí ìbáṣepọ̀ tó bá tẹ̀ kọdọrọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ìfọ́nká àròpọ̀, òfin náà ṣì tọ̀nà: bí ìjọrìn bá ti jẹ́ òfo, ìfọ́nká méjèèjì á ròpọ̀ géérégé, yálà wọ́n mọ ara wọn tàbí wọn kò mọ ara wọn.

Ọjọ́ márùn-ún kéré púpọ̀, èyí tó tilẹ̀ burú jù ni pé ìjọrìn kì í dúró lójú kan. Òdì 0.9 tí ìyá alágbàdo rí wà nínú oṣù Keje, nígbà tí òjò àti oòrùn ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn. Nígbà tó bá di oṣù Kìíní, tí ọyẹ́ gba ìlú, àgbàdo tútù á ṣọ̀wọ́n, á gbówó lórí, omi tútù náà kò ní tà láàárọ̀. Ọjà méjì tó ń gba ara wọn sílẹ̀ lè wá jọ ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ńbà tí èèyàn bá ṣírò nínú òjò, kó má fi ná owó ọyẹ́.

Ẹni tó bá ń ta ọjà méjì tàbí mẹ́ta, tó sì fẹ́ mọ ibi tí òun wà, kó má da èrè gbogbo pọ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo lálẹ́. Kó kọ ti ọjà kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀, lójoojúmọ́, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, kó sì kọ àpapọ̀ sí ìlà ìsàlẹ̀. Kò tilẹ̀ pọn dandan kó fi ìyapa lọ́nà ìyapa: kó ṣírò ìfọ́nká ìlà kọ̀ọ̀kan, kó yọ ti ọjà méjèèjì kúrò nínú ti àpapọ̀, kó pín ohun tó kù sí méjì. Ìjọrìn ọjà rẹ̀ nìyẹn. Fún ìyá alágbàdo, 0.4 dín 4 jẹ́ òdì 3.6, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ òdì 1.8.